Kọ̀ǹpútà Yóò Sinmi Lóru Àbámẹ́ta: Kí Ni Ká Ṣe Tó Bá Jí?

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, obìnrin kan gbé ọmọ rẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ n'Íbàdàn. Ara ọmọ náà gbóná janjan. Káàdì mọ̀lẹ́bí wọn wà lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, nọ́ńbà tó sì wà lára káàdì náà ni 21-4: mọ̀lẹ́bí kọkànlélógún, ọmọ kẹrin. Òṣìṣẹ́ yàrá káàdì tẹ nọ́ńbà yìí, kọ̀ǹpútà ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó tún un tẹ̀, èsì kan náà ló rí. Èrò ti kún ẹnu fèrèsé, ọmọ ń ké, ni òṣìṣẹ́ wa bá ṣe ohun tó rò pé ó tọ́: ó forúkọ ọmọ náà sílẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó sì fún un ní 21-4 tó ti wà lára káàdì rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kọ̀ǹpútà gbà á láìjanpata.

Kò yẹ kó gbà á. Ọmọ ọ̀hún ti wà nínú ìwé wa láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i, wọ́n sì ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ara rẹ̀ kì í gba pẹnisílíìnì. Ní báyìí, ọmọ kan ṣoṣo ti di méjì nínú kọ̀ǹpútà, ìwé tuntun tí dókítà sì ń wò kò sọ ohunkóhun nípa pẹnisílíìnì. Ìyá ọmọ ló rántí. Òun ló sọ fún nọ́ọ̀sì kí wọ́n tó fa abẹ́rẹ́.

Alẹ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú ọjọ́ Ajé yẹn ni a ṣe àtúnṣe sí ẹ̀rọ tí dátábéèsì ilé ìwòsàn wà lórí rẹ̀. Èmi ni mo kọ ìwé ìkéde tó lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Gbólóhùn méjì ló jẹ́: "Kọ̀ǹpútà kò ní ṣiṣẹ́ lálẹ́ Sátidé nítorí àtúnṣe. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara dà á fún wa." Mo sọ ìgbà tí a ó ti ilẹ̀kùn, n kò sọ ohun tí ẹnikẹ́ni yóò ṣe nígbà tí a bá ṣí i. Ká ní mo kọ gbólóhùn kan sí i, pé bí káàdì àtijọ́ bá sọnù lójú kọ̀ǹpútà kí wọ́n má ṣe forúkọ ẹnikẹ́ni sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, kí wọ́n pè mí, ọ̀rọ̀ náà ì bá ti parí lórí ọmọ kan ṣoṣo.

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn yìí ti gba irú ìkéde bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù Kẹsàn-án àti oṣù Kẹwàá ọdún 2024, nígbà tí báńkì bíi mélòó kan ní Nàìjíríà ń pààrọ̀ ètò kọ̀ǹpútà wọn, àtẹ̀jíṣẹ́ tó ń sọ pé ètò kò ní ṣiṣẹ́ fún wákàtí báyìí báyìí wọ fóònù àwọn oníbàárà léraléra. Bí ó ti ń ṣe báńkì náà ló ń ṣe ilé ẹ̀kọ́, ilé iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ohun tó wà lẹ́yìn ìkéde náà, àti ohun tó yẹ kí òṣìṣẹ́ máa wá nínú rẹ̀, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Ohun tí nọ́ọ̀sì tàbí akọ̀wé ń rí lójú kọ̀ǹpútà, fèrèsé lásán ni. Dátábéèsì ni yàrá tó wà lẹ́yìn fèrèsé náà, níbi tí ìwé gbogbo aláìsàn wà lórí pẹpẹ. Ní ilé ìwòsàn tiwa, ètò tí wọ́n ń pè ní PostgreSQL ló ń bójú tó yàrá yẹn. Ọdọọdún ni àwọn tó ṣe é ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, wọ́n sì ń tọ́jú ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan fún ọdún márùn-ún. Ẹ̀dà 12 tí a ń lò jáde ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, wọ́n sì jáwọ́ lára rẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024. Bí olè bá rí ihò kan lára rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, kò sí ẹni tí yóò dí i. Nítorí èyí ni a fi gbọ́dọ̀ kúrò lórí rẹ̀. A kò sì lè máa to pẹpẹ nígbà tí èèyàn ṣì ń wọlé wá mú ìwé, tí òmíràn ń fi ìwé sílẹ̀. Ìdí tí a fi ń ti ilẹ̀kùn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ àkọ́kọ́, èyí tó bí ìjàǹbá ọjọ́ Ajé, kò tilẹ̀ kan PostgreSQL fúnra rẹ̀. Ètò ìpìlẹ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀, Debian 9, ni a sọ di Debian 10. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá tún ilẹ̀ yàrá ṣe tí kò fọwọ́ kan pẹpẹ. Àṣé ilẹ̀ yẹn ló mọ bí a ṣe ń to ìwé.

Ẹ jẹ́ kí n fi yàrá káàdì ṣàlàyé rẹ̀. Kò sí akọ̀wé tó máa ń bẹ̀rẹ̀ láti orí káàdì àkọ́kọ́ kó tó rí èyí tó ń wá. Ó mọ ètò tí wọ́n fi tò wọ́n, ó sì ń lọ tààrà síbi tó yẹ kí káàdì wà. Bẹ́ẹ̀ ni dátábéèsì náà ń ṣe: ó ní ìwé atọ́ka tí a to nọ́ńbà sí tẹ̀léǹtẹ̀lé. PostgreSQL tiwa kì í dá pinnu èwo ló ṣáájú èwo. Ó máa ń bi apá kan nínú ètò ìpìlẹ̀ tí wọ́n ń pè ní glibc. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2018, nígbà tí ẹ̀dà 2.28 ti glibc jáde, òfin ìtòlẹ́sẹẹsẹ yí padà. Debian 9 ń lo òfin àtijọ́, Debian 10 ń lo tuntun.

Àmì bíi dáàṣì ni ìyàtọ̀ náà hàn lára rẹ̀ jù lọ. Òfin àtijọ́ máa ń fojú fo dáàṣì ná. Lójú rẹ̀, 21-4 dà bí 214, nítorí náà àárín 214 àti 215 ni káàdì ọmọ yẹn wà lórí pẹpẹ. Òfin tuntun ka dáàṣì kún, ó sì gbà pé ó ṣáájú gbogbo nọ́ńbà, nítorí náà ibi tó yẹ kí 21-4 wà ni iwájú 210. Pẹpẹ kò yí padà, akọ̀wé ló yí padà. Akọ̀wé tuntun lọ sí iwájú 210, kò rí nǹkan kan, ó ní kò sí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n sì ní kó fi káàdì tuntun síbẹ̀, ó wò ó pé àyè ṣófo, ó fi í síbẹ̀. Bí òfin tó sọ pé nọ́ńbà kan kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni méjì ṣe fọ́ nìyẹn, láìsí ariwo, láìsí àmì pupa kankan.

Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ yìí lè fi ìlà kan dán ẹ̀rọ rẹ̀ wò:

```
( echo "21-4"; echo "213" ) | LC_COLLATE=en_US.UTF-8 sort
```

Bí 213 bá kọ́kọ́ jáde, òfin àtijọ́ ni. Bí 21-4 bá ṣáájú, tuntun ni. Bí èsì bá yàtọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà ṣáájú àtúnṣe àti lẹ́yìn rẹ̀, ìwé atọ́ka tó ní ọ̀rọ̀ tàbí àmì nínú kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́ títí a ó fi tún un kọ.

Ẹ óò béèrè pé ṣé a kò yẹ iṣẹ́ wò lálẹ́ náà ni? A yẹ̀ ẹ́ wò. Èmi àti ẹnìkejì mi wá káàdì mẹ́wàá, gbogbo rẹ̀ jáde kíákíá. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ẹyọ ni gbogbo wọn, 57, 213, 1802, irú èyí tó wá sí wa lẹ́nu. Káàdì mọ̀lẹ́bí tó ní dáàṣì kò sí nínú wọn. Àwa tí a ń tọ́jú ẹ̀rọ kì í fi ọwọ́ kan káàdì mọ̀lẹ́bí láti ọdún dé ọdún. Yàrá káàdì ló ń lò ó ní ojoojúmọ́. Àwọn ni wọn ì bá ti mú àṣìṣe náà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún ká ní a sọ fún wọn pé kí wọ́n wò ó.

Káàdì 43 ló ti di méjì méjì kí ọjọ́ Ajé tó ṣú. Kì í sì í ṣe gbogbo káàdì mọ̀lẹ́bí ló sọnù o. Àwọn kan ń jáde, àwọn kan kò jáde, èyí ló jẹ́ kó pẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà tí a wá fẹ́ tún ìwé atọ́ka kọ, PostgreSQL kọ̀:

```
ERROR:  could not create unique index "kaadi_pkey"
DETAIL:  Key (nomba)=(21-4) is duplicated.
```

Ohun tó ń sọ ni pé ẹni méjì ń jẹ́ 21-4, òun kò sì lè to irú ìwé bẹ́ẹ̀. A ní láti jókòó ti àwọn dókítà, kí a mú ìwé méjì méjì, kí a pa wọ́n pọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí a rí i pé kò sí oògùn tàbí èsì àyẹ̀wò tó bọ́ sọnù láàárín wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ló gbà wá. Kíkọ ìwé atọ́ka fúnra rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú 35 lọ.

Nígbà tó wá tó àkókò láti gbé PostgreSQL kúrò ní ẹ̀dà 12 lọ sí 16, tí a ó sì tún sọ ètò ìpìlẹ̀ dọ̀tun lóru kan náà, n kò dá ìwé ìkéde kọ mọ́. Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n tó ń ṣe olórí yàrá káàdì, tí gbogbo wa ń pè ní Màmá Káàdì, mo sì lọ bá àwọn nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru. Màmá Káàdì ka ohun tí mo kọ́kọ́ kọ, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ìwé yìí ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀rọ yín. Iṣẹ́ tiwa dà níbẹ̀?" Ìwé tí a jọ kọ lẹ́yìn náà nìyí:

"Sí gbogbo òṣìṣẹ́. Dátábéèsì ilé ìwòsàn kò ní ṣiṣẹ́ láti aago mẹ́wàá alẹ́ Àbámẹ́ta títí di aago mẹ́rin ìdájí Àìkú, òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú. Orúkọ aláìsàn, oògùn, èsì àyẹ̀wò àti owó sísan kò ní ṣeé wò, kò sì ní ṣeé kọ sílẹ̀. Fóònù wọ́ọ̀dù àti ẹ̀rọ àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ yóò máa ṣiṣẹ́.

"Kí aago mẹ́wàá alẹ́ tó lù, ẹ parí ohun tí ẹ ń kọ, ẹ tọ́jú rẹ̀, ẹ sì jáde pátápátá. Ohun tó bá ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà láìtọ́jú yóò sọnù. Wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan yóò tẹ ìwé oògùn òru sórí páálí ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀.

"Láàárín òru, orí fọ́ọ̀mù funfun tí a pín ni kí ẹ kọ ohun gbogbo sí. Ẹ kọ aago tí nǹkan ṣẹlẹ̀. Aláìsàn tuntun yóò gba nọ́ńbà tó wà lórí fọ́ọ̀mù náà, ÒRU-01, ÒRU-02, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má ṣe fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ńbà káàdì gidi.

"Ẹ má ṣe wọlé títí a ó fi pe wọ́ọ̀dù yín lórí fóònù. Nígbà tí ẹ bá wọlé, ẹ kọ́kọ́ wá káàdì márùn-ún tí ẹ mọ̀ dájú, ó kéré tán kí méjì nínú wọn ní dáàṣì. Lẹ́yìn náà, ẹ kọ oògùn òru wọlé kí ẹ tó fún ẹnikẹ́ni ní oògùn àárọ̀. Bí káàdì àtijọ́ kò bá jáde, ẹ má ṣe forúkọ ẹni náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ pè wá. Ètò lè lọ́ra díẹ̀ ní wákàtí àkọ́kọ́. Páásíwọ́ọ̀dù yín kò yí padà, a kò sì ní bi ẹnikẹ́ni léèrè rẹ̀."

Àkókò ni mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí èèyàn bá kọ "aago méjìlá òru Sátidé", ẹnìkan yóò rò pé òru tí Jímọ̀ọ́ fi mọ́jú Sátidé ni, ẹlòmíràn yóò mú un sí òru ọjọ́ kejì. Èdè wa ní ọ̀nà tí kò fi ní í rúni lójú: òru Àbámẹ́ta mọ́jú Àìkú. Kò sí ẹni tó lè ṣi ìyẹn gbọ́.

Wákàtí mẹ́fà ni a tọrọ, iṣẹ́ náà kò sì ju wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ àti ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. A ti ṣe é ní àṣedánwò lórí ẹ̀rọ mìíràn lẹ́ẹ̀mejì, a sì wo aago. Ìṣẹ́jú 50 fún ẹ̀dà ìpamọ́ ìkẹyìn, 40 fún ètò ìpìlẹ̀, 40 láti gbé PostgreSQL lọ sí ẹ̀dà 16, 35 láti tún ìwé atọ́ka kọ, 20 láti jẹ́ kó mọ iye ohun tó wà nínú rẹ̀, 30 láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí gbogbo rẹ̀ bá lọ geere, aago méjì òru kù díẹ̀ ni a ó ṣe tán. Àkókò tó ṣẹ́kù wà fún ìpadàsẹ́yìn. Bí aago méjì òru bá lù tí nǹkan kò tíì dára, a kò ní bá a jà mọ́. A ó gbé ẹ̀dà ìpamọ́ sórí ẹ̀rọ àpamọ́, èyí tó ń gba wákàtí kan ààbọ̀, a ó fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yẹ̀ ẹ́ wò, aago mẹ́rin yóò sì lù. Ojú ọ̀sán ni a ti pinnu aago méjì yẹn, nígbà tí orí gbogbo wa ṣì pé. Ẹni tí kò tíì sùn, tó rò pé ó ku díẹ̀ kí òun rí ojútùú, kì í mọ ìgbà tó yẹ kí òun dúró.

Nípa ẹ̀dà ìpamọ́, ohun tó ṣẹlẹ̀ sí GitLab, ilé iṣẹ́ tí àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà káàkiri ayé ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, ẹnjiníà kan ń gbìyànjú láti tún ẹ̀rọ kejì ṣe, ó sì pàṣẹ ìparẹ́ lórí ẹ̀rọ tí iṣẹ́ wà lórí rẹ̀ gan-an. Nígbà tó fi máa dá a dúró, nǹkan bíi 300 gígábáìtì ti lọ. Wọ́n yíjú sí ẹ̀dà ìpamọ́ tí ètò ń ṣe lójoojúmọ́, ibẹ̀ ṣófo: irin iṣẹ́ tó yẹ kó máa ṣe é jẹ́ ti PostgreSQL 9.2, dátábéèsì sì ti di 9.6, nítorí náà ó ń kùnà lójoojúmọ́. Lẹ́tà tó yẹ kó fi ìkùnà náà tó wọn létí kò sì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹ̀dà kan tí ẹnìkan ṣèèṣì fọwọ́ ṣe ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ, ohun tí àwọn èèyàn sì kọ sínú dátábéèsì láàárín wákàtí mẹ́fà náà ṣègbé. Nítorí náà, a kì í ka ẹ̀dà ìpamọ́ tí a kò tíì gbé jáde rí sí ẹ̀dà ìpamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú iṣẹ́ tiwa, a gbé e jáde sórí ẹ̀rọ mìíràn, a sì ní kí Màmá Káàdì wá nǹkan nínú rẹ̀.

Ní ti oògùn, nọ́ọ̀sì kan ló là mí lójú. Ó ní, "Bọ̀dá, bí mo bá fún aláìsàn ní oògùn ìrora ní aago kan òru, tí mo kọ ọ́ sórí bébà, tí mo lọ sílé ní aago méje, kí ni ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi yóò rí lójú kọ̀ǹpútà?" Yóò rí i pé wọn kò tíì fún un. Yóò fún un lẹ́ẹ̀kejì. Ìdí nìyẹn tí ìwé ìkéde fi pàṣẹ pé kí oògùn òru wọlé ṣáájú ohun gbogbo, àti pé aago tí wọ́n fún un ni kí wọ́n kọ, kì í ṣe aago tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Ètò wa máa ń fi aago ìsinsìnyí síbẹ̀ fúnra rẹ̀ bí èèyàn kò bá yí i, nítorí náà a yan ẹnì kan ní wọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan fún títẹ̀ nìkan, ẹnìkejì sì ń ka fọ́ọ̀mù sí i létí, ó ń fàmì sí ìlà kọ̀ọ̀kan tó bá ti wọlé, ó sì ń fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ ìwé. Fọ́ọ̀mù tí a kò bá fọwọ́ sí kò gbọdọ̀ kúrò lórí tábìlì.

Ìlọ́ra wákàtí àkọ́kọ́ máa ń dẹ́rù ba àwọn èèyàn, wọ́n á rò pé nǹkan ti bàjẹ́. Kí PostgreSQL tó wá nǹkan, ó máa ń ro ọ̀nà tó yá jù, ó sì ń fi ohun tó mọ̀ nípa ìwé inú rẹ̀ rò ó: mélòó ni wọ́n, orúkọ wo ló pọ̀. Nígbà tí a bá gbé e láti ẹ̀dà kan sí òmíràn, ìwé gbogbo a máa bá a lọ, ṣùgbọ́n ìmọ̀ yìí kì í bá a lọ. Ẹ̀dà 18 tó jáde lọ́dún 2025 ni àkọ́kọ́ tó ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ dání. Ó dà bí akọ̀wé àgbà tó dé yàrá tí kò mọ̀. Ìlà tí a fi ń mú un mọ yàrá nìyí:

```
vacuumdb --all --analyze-in-stages
```

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń yí yàrá ká: ìgbà àkọ́kọ́ kíákíá, kó lè mọ díẹ̀ tó fi lè bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ìgbà kejì àti ìkẹta pẹ̀lú àkíyèsí tó jinlẹ̀ sí i. Síbẹ̀, ìwé tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò láti òru kò tíì sí nítòsí ọwọ́ ẹ̀rọ, ó ní láti lọ mú un wá láti ìsàlẹ̀ dísìkì, nítorí náà àwọn tó kọ́kọ́ wọlé yóò dúró díẹ̀. Èyí tó yẹ kí òṣìṣẹ́ mọ̀ ni ìyàtọ̀: bí ohun gbogbo bá lọ́ra tó sì ń yá sí i, ó dára. Bí ojú ewé kan ṣoṣo bá lọ́ra tí kò sì yá lẹ́yìn wákàtí kan, kó pe wá, kó sọ ojú ewé náà àti ohun tó ń wá. Kí ó má ṣe máa tẹ bọ́tìnì ìtọ́jú lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí pé owó kan lè wọlé lẹ́ẹ̀mẹta.

Ọ̀rọ̀ páásíwọ́ọ̀dù kò pọ̀. Àwọn oníjìbìtì náà máa ń gbọ́ ìkéde. Ẹni tó bá pe òṣìṣẹ́ lórí fóònù láàárọ̀ Àìkú tó ní òun wá láti ẹ̀ka kọ̀ǹpútà, pé kó dá páásíwọ́ọ̀dù rẹ̀ kí wọ́n fi "ṣí i padà", olè ni. Iṣẹ́ tí a ń ṣe kò nílò páásíwọ́ọ̀dù ẹnikẹ́ni.

Lóru ọjọ́ náà, ìwé atọ́ka gba ìṣẹ́jú 51 dípò 35, nítorí pé dátábéèsì ti wúwo sí i láti ìgbà àṣedánwò. Aago méjì òru ku ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án nígbà tí a yẹ iṣẹ́ wò tán. A kò ní láti padà sẹ́yìn.

Màmá Káàdì ti wà nínú ọgbà láti aago mẹ́ta ààbọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe òun ni iṣẹ́ òru kàn. Ó ti kọ nọ́ńbà tirẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, kì í ṣe márùn-ún, méjìlá ni, méje nínú wọn ní dáàṣì. Nígbà tí mo pe yàrá káàdì ní aago mẹ́rin kù díẹ̀, òun ló gbé fóònù. Ó ní kí n dúró. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ bọ́tìnì. "Mọ́kànlélógún, dáàṣì, mẹ́rin," ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ètò ṣì ń lọ́ra. "Ó jáde. Orúkọ ìyá rẹ̀ wà níbẹ̀. Pẹnisílíìnì wà níbẹ̀." Ó lọ sí èyí tó tẹ̀ lé e.

Ní yàrá ìgbẹ̀bí, fọ́ọ̀mù mẹ́ta péré ni wọ́n lò. ÒRU-03 ni ti ọmọbìnrin kan tí wọ́n bí ní aago kan kọjá ogún ìṣẹ́jú. Nọ́ọ̀sì kan ń ka ìwé náà, èkejì ń tẹ̀ ẹ́, ó sì yí aago tí ètò fi síbẹ̀ fúnra rẹ̀ kúrò, ó kọ 1:20. Ìgbà tí wọ́n fọwọ́ sí ìsàlẹ̀ fọ́ọ̀mù tán ni ọmọ náà tó gba nọ́ńbà káàdì gidi.